Ta Ló Yẹ Kó Dárúkọ Adájọ́ Rẹ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká jọ ro ọ̀rọ̀ kan wò. Bí ẹnìkan bá ní ẹjọ́ ní kóòtù, tí wọ́n wá sọ fún un pé, "Ó dáa, dárúkọ èèyàn mẹ́ta tí o fẹ́ kó dá ẹjọ́ rẹ," ṣé a ò ní pariwo? A ó ní kóòtù ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó jọ ìyẹn ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí olùkọ́ fásítì bá fẹ́ fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ jọ́nà. Olóòtú fúnra rẹ̀ ló ń bèèrè pé: ta ni o rò pé ó lè bá wa yẹ iṣẹ́ yìí wò? Inú lẹ́tà ìfiṣọwọ́, ìyẹn lẹ́tà tó máa ń ṣíwájú àpilẹ̀kọ lọ sọ́dọ̀ olóòtú, ni ìdáhùn máa ń wà.

Mo máa ń bá àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì táìpù irú lẹ́tà yìí, torí náà mo mọ bó ṣe rí. Kò gùn, ojú ìwé kan péré ni. A ó kí olóòtú, a ó sọ àkọlé iṣẹ́ náà. Ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, a ó sọ ohun tuntun tí iṣẹ́ náà rí, àti ìdí tó fi jẹ́ pé jọ́nà yẹn ló yẹ ẹ́. A ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé iṣẹ́ náà kò sí lọ́wọ́ jọ́nà mìíràn, pé gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ẹ̀ ló fọwọ́ sí i. Gbogbo èyí rọrùn. Ibi tí orí ti ń gbóná ni ìlà tó gbẹ̀yìn: orúkọ àwọn olùyẹ̀wò.

Kí ló dé tí olóòtú fi ń bèèrè? Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ká ní ẹnìkan kọ àpilẹ̀kọ lórí bí àwọn obìnrin tó ń sun alámọ̀ ní Adó àti Ìjerò ṣe ń fa ohùn ọ̀rọ̀ gùn kí ìtumọ̀ rẹ̀ lè yí padà. Ẹni tó gbọ́ èdè Èkìtì dáadáa, tó mọ alámọ̀, tó sì tún mọ ìmọ̀ ohùn, èèyàn mélòó ni? Kò pọ̀. Olóòtú náà lè jẹ́ onímọ̀ ìtàn àròsọ tí kò mọ ẹyọ kan nínú wọn. Owó kankan kò sì sí fún olùyẹ̀wò, ọ̀pọ̀ ló ń kọ̀ pé ọwọ́ àwọn dí. Ẹni tó kọ iṣẹ́ ló ti ka gbogbo ohun tí àwọn ẹlòmíì kọ, òun ló mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ìbéèrè olóòtú kò burú. Ìdáhùn wa ló lè burú.

Ẹ mọ òwe tí a máa ń pa: ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ní kí n dárúkọ ẹni mẹ́ta, ta ni yóò kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Ọ̀gá mi tó kọ́ mi ni, àti ọ̀rẹ́ tí a jọ kọ nǹkan lọ́dún tó kọjá, àti ẹni tí mo yìn nínú àpilẹ̀kọ náà. Ìyàtọ̀ sì máa ń wà níbẹ̀. Lọ́dún 2006, jọ́nà àwọn oníṣègùn kan tí wọ́n ń pè ní JAMA tẹ ìwádìí kan jáde tó wo jọ́nà ìṣègùn 10. Wọ́n fi èsì àwọn olùyẹ̀wò tí òǹkọ̀wé dárúkọ wé èsì àwọn tí olóòtú fúnra rẹ̀ wá. Bí wọ́n ṣe fara balẹ̀ yẹ iṣẹ́ wò kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí òǹkọ̀wé dárúkọ ló máa ń sọ jù pé kí wọ́n gba iṣẹ́ náà wọlé. Ẹ ò rí nǹkan! Wọn ò purọ́, wọn ò sì ṣàìmọ iṣẹ́. Ọwọ́ wọn kàn rọ̀ díẹ̀ ni.

Ẹlòmíì kò dúró dìgbà tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni máa rọ̀. Lọ́dún 2012, àṣírí onímọ̀ ewé àti egbò kan ní Gúúsù Kòríà, Hyung-In Moon, tú. Nígbà tó bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, yóò dárúkọ àwọn olùyẹ̀wò. Orúkọ àwọn kan jẹ́ ti èèyàn gidi, àwọn kan kò sí láyé, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ímeèlì tó kọ sí wọn lára, ọ̀dọ̀ òun tàbí àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ń já sí. Olóòtú á fi iṣẹ́ ránṣẹ́, òun náà ni yóò gbà á, tí yóò sì yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Kò tilẹ̀ gọ̀ débi pé kó máa yin ara rẹ̀ nìkan, ó máa ń dá àbá díẹ̀ pé kí òǹkọ̀wé tún ibí àti ibẹ̀ ṣe. Kí ló tú u fó? Ìyára ni. Èsì máa ń dé láàárín wákàtí 24. Èèyàn gidi tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó ní akẹ́kọ̀ọ́, tó ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ibo ló ti rí irú eré bẹ́ẹ̀ sá? Olóòtú fura, ó bi í léèrè, ó sì jẹ́wọ́. Ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan ṣoṣo fa àpilẹ̀kọ rẹ̀ 28 padà. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta èké nìkan kọ́ ló jẹ̀bi, ẹni tó rà á láìyẹ̀ ẹ́ wò náà ní tirẹ̀. Bí olóòtú bá ti lọ wá ímeèlì àwọn èèyàn yẹn fúnra rẹ̀ ní ojú ewé fásítì wọn, ọ̀ràn náà ì bá ti parí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Mo rò pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yìí ni pé a kò ya èèyàn méjì sọ́tọ̀: onígbọ̀wọ́ àti olùyẹ̀wò. Bí mo bá ń wá iṣẹ́, wọ́n á ní kí n mú orúkọ onígbọ̀wọ́ wá. Ọmọlúàbí kò gbọdọ̀ kọ orúkọ àgbàlagbà sílẹ̀ láì kọ́kọ́ tọrọ àyè. Mo gbọ́dọ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ fi orúkọ yín sílẹ̀." Ìwà tó tọ́ nìyẹn, nítorí ẹ̀yìn mi ni wọ́n wà. Àmọ́ bí mo bá pe olùyẹ̀wò lórí fóònù pé, "Sà, mo ti dárúkọ yín fún jọ́nà báyìí o, iṣẹ́ mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín," mo ti ba nǹkan jẹ́. Ọ̀pọ̀ jọ́nà máa ń yọ orúkọ òǹkọ̀wé kúrò lára iṣẹ́ kí olùyẹ̀wò má bàa mọ ẹni tó ni ín, lẹ́tà ìfiṣọwọ́ sì wà fún ojú olóòtú nìkan. Ìpè ìṣẹ́jú kan péré ti já aṣọ yẹn kúrò. Bàbá náà ò tún lè sọ̀rọ̀ bó ṣe wà lọ́kàn wọn mọ́, ojú ti ń tì wọ́n. Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe dàrú: ìkíni kan náà tó jẹ́ ìwà rere lọ́dọ̀ onígbọ̀wọ́ ti di ẹ̀bi lọ́dọ̀ olùyẹ̀wò.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí iṣẹ́ alámọ̀ wa, ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ta ni ká dárúkọ? Ọ̀gá tó kọ́ òǹkọ̀wé ló mọ iṣẹ́ náà jù, ṣùgbọ́n onígbọ̀wọ́ ni, ká fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n jọ kọ nǹkan láìpẹ́ yìí àti ẹni tí wọ́n jọ wà ní ẹ̀ka kan náà, bákan náà. Onímọ̀ ohùn kan wà ní fásítì mìíràn tí kò mọ alámọ̀ rárá: ẹ dárúkọ rẹ̀, yóò wo bóyá ohùn tí a ní a gbọ́ ni a gbọ́ lóòótọ́. Ẹnìkan ti ṣiṣẹ́ lórí ẹkún ìyàwó lágbègbè Ọ̀yọ́: ó mọ ewì àwọn obìnrin, kò sì sí nínú ìdíje tiwa. Ẹnìkẹta ni ẹni tí àpilẹ̀kọ náà ta kò, tó ti kọ ọ́ rí pé ẹwà lásán ni fífa ohùn gùn, kò yí ìtumọ̀ padà. Ṣé ká dárúkọ ẹni yẹn? Ibí lẹ̀rù ti ń ba èèyàn. Èrò tèmi ni pé ká dárúkọ rẹ̀, ká sì sọ ọ́ síta pé èrò wa kò dọ́gba. Bí ẹ̀rí wa bá lágbára, òun gan-an ni yóò mọ̀ ọ́n. Bí kò bá lágbára, ó sàn kí òun rí i kí a tó tẹ̀ ẹ́ ju kó rí i lẹ́yìn náà. Ìlà náà lè lọ báyìí:

"Mo dárúkọ àwọn mẹ́ta yìí, pẹ̀lú ímeèlì fásítì wọn. N kò bá ìkankan wọn kọ ìwé pọ̀ rí, wọn kò sì kọ́ mi. Ẹni kìíní mọ ìmọ̀ ohùn, kò ṣiṣẹ́ lórí alámọ̀. Ẹni kejì mọ ewì àwọn obìnrin. Àpilẹ̀kọ yìí ta ko èrò ẹni kẹta. N kò bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ yín ni yíyàn wà."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló ya lẹ́tà yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹjọ́ kóòtù tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Olóòtú lè mú ẹnìkan nínú wọn kó sì wá ẹlòmíì kún un, ó sì lè má mú ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ ni a fún un, a ò fún un láṣẹ. Àwọn jọ́nà kan tún ń gbà kí òǹkọ̀wé sọ ẹni tí kò fẹ́. Bí ìjà bá wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì lóòótọ́, ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, ẹ má bú èèyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ka gbogbo ẹni tó mọ alámọ̀ sínú àwọn tí ẹ kò fẹ́, olóòtú tó gbọ́n yóò mọ ohun tí ẹ ń sá fún. Ohun kan ṣì ń dùn mí, lẹ́tà kò sì lè wò ó sàn: àwọn ìyá tó ń sun alámọ̀ gan-an kò ní ímeèlì fásítì, kò sẹ́ni tó máa fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ló mọ̀ ọ́n jù.

Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa bá mi jiyàn pé ọ̀rẹ́ tí kò lè gbè mí kì í ṣe ọ̀rẹ́, ó sì fi Fájuyì ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo wa la mọ ìtàn ọmọ Adó yìí, gómìnà ológun Ìwọ̀ Oòrùn, tí wọ́n pa ní July 29, 1966 pẹ̀lú àlejò rẹ̀, Aguiyi-Ironsi, tí a sì ń sọ pé ó kọ̀ láti fi àlejò sílẹ̀. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ẹ̀mí ara rẹ̀ ni Fájuyì fi lélẹ̀. Olùyẹ̀wò tó gbè ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fi nǹkan tirẹ̀ kankan lélẹ̀. Ìgbàgbọ́ àwa tí a máa ka jọ́nà náà ló fi tọrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò ká ohun tí kò jóòótọ́, yóò fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá, kò ní mọ̀ láé pé ìpè fóònù kan ló bí i. Ẹni tó bá fẹ́ràn mi tọkàntọkàn, kó wá ṣe onígbọ̀wọ́ mi. Àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi, ẹ bá mi wá ẹni tí kò jẹ mí ní gbèsè kankan.