Wọ́n Jó Kí Wọ́n Tó Gbọ́ Ohun Tí Ìlù Ń Wí

Ẹ̀yin máníjà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ,

Ní ìpàdé wa tó kọjá, a fọwọ́ sí òfin tuntun méjì: bí a ó ṣe máa ka pọ́ìntì, àti bí a ó ṣe mọ ẹni tó ṣíwájú nígbà tí pọ́ìntì bá dọ́gba. Mo lè kọ wọ́n sí ìlà mẹ́wàá péré kí n fi ránṣẹ́ sí yín. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé ayé tí à ń gbé; bébà òfin kì í pẹ́ di ohun tí wọ́n fi ń wé ẹ̀pà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fi ìtàn kan là á yé yín. Ìtàn tòótọ́ ni, gbangba ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, Gúúsù Áfíríkà gba Siẹrà Líónì, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, lálejò ní pápá Mbombela. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn ni, nínú èyí tí wọ́n fi ń wá àwọn tí yóò lọ sí ìdíje Ife Áfíríkà ọdún 2012. Ẹni tó bá ṣe kìíní nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin ìsọ̀rí wọn ló dájú pé yóò lọ. Orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀, aládùúgbò wa lókè ọ̀hún, ló wà lókè tábìlì pẹ̀lú pọ́ìntì 9. Gúúsù Áfíríkà ní 8, Sàró náà ní 8. Íjíbítì, tó gba ife náà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra ṣáájú ìgbà yẹn, ló wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú 2.

Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ ní Mbombela ni ìròyìn ń dé láti Kairo pé Íjíbítì ń na Nìjẹ̀. Kóòṣì Gúúsù Áfíríkà, Pitso Mosimane, àti àwọn ọmọ rẹ̀ bá ṣírò. Bí àwọn bá gbá ọ̀mì, àwọn náà yóò ní 9. Ìyàtọ̀ góòlù tiwọn sì dára ju ti Nìjẹ̀ lọ: wọ́n gbá 4 wọlé, wọ́n gbá 2 sí wọn, Nìjẹ̀ gbá 6 wọlé, wọ́n gbá 8 sí i. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, wọn ò wá góòlù lójú méjèèjì mọ́, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń dì mú kí àkókò lè lọ. Fèrè dún ní òdo sí òdo. Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n jó káàkiri pápá, èrò ìwòran ń hó.

Ìgbà tí ijó ń lọ lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ yé wọn. Nìjẹ̀ tí Íjíbítì nà ní 3 sí òdo ló ń lọ.

Kí ló fà á? Nínú òfin Káàfù fún ìdíje yẹn, ìyàtọ̀ góòlù gbogbo tábìlì kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Tí pọ́ìntì bá dọ́gba, eré tí àwọn tó dọ́gba náà gbá sí ara wọn ni wọ́n ń wò. Ọ̀mì ọjọ́ náà sì gbé Sàró náà dé 9, nítorí náà àwọn mẹ́ta ló dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká ya Íjíbítì sọ́tọ̀, ká kọ tábìlì kékeré fún àwọn mẹ́ta yìí nìkan. Nìjẹ̀ na Gúúsù Áfíríkà nílé ní 2 sí 1, ó na Sàró nílé ní 3 sí 1, ó sì pàdánù eré méjèèjì lájò: pọ́ìntì 6. Gúúsù Áfíríkà na Nìjẹ̀ nílé ní 2 sí òdo, ó sì gbá ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú Sàró: pọ́ìntì 5. Sàró na Nìjẹ̀ ní 1 sí òdo, ó gbá ọ̀mì méjì kan náà: òun náà 5. Góòlù mẹ́ta tí Íjíbítì gbá sí Nìjẹ̀ ní Kairo ò wọ inú ìṣírò yìí rárá. Àjọ bọ́ọ̀lù Gúúsù Áfíríkà kọ̀wé ẹ̀hónú, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi gba ìwé wọn padà. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ṣáájú ìdíje ni wọ́n tẹ̀ lé.

Bí góòlù kan ṣoṣo bá wọlé fún Gúúsù Áfíríkà lọ́jọ́ yẹn, pọ́ìntì 11 ni wọn ì bá ní, tábìlì kékeré kankan ò ní wáyé.

Ìtàn yìí kan náà ló fi òfin kìíní wa hàn. Títí di ìsinsìnyí, pọ́ìntì 2 ni à ń fún ẹni tó bá borí ní líìgì wa, 1 fún ọ̀mì. Láti sáà yìí lọ, 3 ni fún ẹni tó borí, 1 fún ọ̀mì, òdo fún ẹni tó pàdánù. Ẹ fi òǹkà àtijọ́ wa ka ìsọ̀rí yẹn wò. Nìjẹ̀ borí lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbá ọ̀mì kankan: 6 péré ni. Gúúsù Áfíríkà àti Sàró borí lẹ́ẹ̀mejì-méjì, wọ́n gbá ọ̀mì mẹ́ta-mẹ́ta: 7 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìpò kẹta ni Nìjẹ̀ ì bá wà! Láyé òǹkà àtijọ́, ẹgbẹ́ tó gbá ọ̀mì mẹ́wàá àti èyí tó borí márùn-ún tó pàdánù márùn-ún, 10 kan náà ni wọ́n ní. Ní báyìí, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 10, ti ìkejì jẹ́ 15. Máníjà tó bá ṣì ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé "ọ̀mì náà dára" ní ìṣẹ́jú 80, kó rántí pé pọ́ìntì méjì ló ń fi sílẹ̀ lórí pápá báyìí, kì í ṣe ọ̀kan mọ́.

Òfin kejì nìyí, bí a ó ṣe máa tẹ̀ lé e gan-an nígbà tí pọ́ìntì bá dọ́gba:

1. Pọ́ìntì nínú eré tí àwọn tó dọ́gba gbá sí ara wọn, nílé àti lájò.
2. Ìyàtọ̀ góòlù nínú eré wọ̀nyẹn nìkan.
3. Iye góòlù tí wọ́n gbá wọlé nínú eré wọ̀nyẹn.
4. Ìyàtọ̀ góòlù gbogbo sáà.
5. Iye góòlù tí wọ́n gbá wọlé ní gbogbo sáà.
6. Ìbò ṣíṣẹ́, níwájú àwọn máníjà tọ́rọ̀ kàn.

A kì í fo ìgbésẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Àwọn kan nínú yín bi mí léèrè ìdí tí a kò fi bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹrin. Ẹ̀yin náà rántí àwọn ọjọ́ ìkẹyìn tí ẹgbẹ́ tí kò ní ohun tó ń wá mọ́ ti ń kó ọmọ mẹ́sàn-án wá sí pápá, tí wọ́n sì ń gba góòlù mẹ́jọ lọ sílé. Irú góòlù bẹ́ẹ̀ kò ní lè borí ohun tí ẹ̀yin àti alátakò yín fi ojú kojú ṣe. Ṣùgbọ́n òfin yìí náà ní ìnira tirẹ̀: ẹni tí alátakò rẹ̀ ti nà nílé àti lájò, bí àwọn méjèèjì nìkan bá dọ́gba, ìdọ́gba náà kò lè ràn án lọ́wọ́. Àfi kó ní pọ́ìntì jù ú.

Nítorí náà, tó bá ku eré méjì kí sáà parí, ẹ má wo tábìlì ńlá nìkan. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè bá yín dọ́gba, ẹni tí ẹ kò fọkàn sí pàápàá, bí Sàró ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì kọ èsì eré tí ẹ gbá sí wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá pe fóònù yín láti pápá mìíràn, bébà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ fọwọ́ sí ẹ̀dà ìwé yìí, kí ẹ dá a padà fún mi kí eré àkọ́kọ́ tó wáyé. Ẹni tí kò bá yé, ilẹ̀kùn mi ṣí sílẹ̀ báyìí. Lẹ́yìn fèrè ọjọ́ ìkẹyìn, n kò ní gba ìwé ẹ̀hónú tó bá wí pé òun kò mọ̀.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Líìgì