Ta Ló Ni Ẹ̀bi Ìgùfẹ̀?

Tìrìmísí gbà á wá pé ọkùnrin kan gùfẹ̀ níwájú Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ànábì ní kí ó mú ìgùfẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn, nítorí pé àwọn tó ń yó jù láyé ni ebi yóò pa jù lọ́jọ́ àjíǹde. Àwọn kan ti inú ọ̀rọ̀ yìí sọ ìgùfẹ̀ fúnra rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Àjẹkì ni ìkìlọ̀ náà dojú kọ. Ìgùfẹ̀ kàn tú àṣírí rẹ̀ ni. Níbo wá ni ìfẹ́-inú wa ti wọ ọ̀ràn náà?

Afẹ́fẹ́ tí a gbé mì ló pọ̀ jù nínú ìgùfẹ̀. Ẹni tó ń kánjú jẹun, tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu, ń gbé afẹ́fẹ́ mì mọ́ oúnjẹ. Ẹlẹ́rìndòdò tún ń gbé tirẹ̀ wọlé. Ikùn kò lè pa á mọ́, ó ń dá a padà sókè kí a tó kúrò nídìí àwo, tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn náà.

Ẹ wo ìṣínu wa nínú Ràmàdáánì ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn níhìn-ín. Bí a bá ti gbọ́ ìpè Mọ̀gàríbì, ẹlòmíràn a da omi tútù sọ́fun ní ìdákanmu, a gbé àkàrà mì láìjẹ ẹ́ kúnná, a fi ẹlẹ́rìndòdò lé e, òkìtì iyán a tẹ̀ lé e. Nígbà àṣámù, inú rẹ̀ le bí ìlù, ó sì ń gùfẹ̀ sí ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní sààfù. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tó rọrùn wà ní sunna: kí a fi dàbínù mélòó kan àti omi díẹ̀díẹ̀ ṣínu, kí a kírun Mọ̀gàríbì, kí a tó padà wá jẹun pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ànábì náà ló ní bí a kò bá lè ṣe kí ikùn má kún, kí a fi ìdá kan nínú mẹ́ta fún oúnjẹ, ìdá kan fún ohun mímu, ìdá kan fún èémí.

Inú wíwú tó dé ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀wà yàtọ̀ sí èyí. Ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí ìfun kékeré wa kò lè dà. Nígbà tó bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò àìfojúrí ibẹ̀ a jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ a sì jáde. Wàrà náà ń ṣe ọ̀pọ̀ àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ̀wà tí inú rẹ̀ wú kò jẹ̀bi ohunkóhun. Kí ó rẹ ẹ̀wà mọ́jú, kí ó da omi náà nù, kí ó fi omi mìíràn sè é, kí ó sì bu díẹ̀. Yóò dín kù, bí kò tilẹ̀ tán.

Àwọn kan ń fipá gùfẹ̀ kí inú wọn lè fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ tuntun ni wọ́n ń fà wọlé, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tán.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rù láìmọ ìdí, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tí oúnjẹ ń há lọ́fun, tàbí tó ń bì léraléra, kí ó má ṣe dúró ti àyípadà oúnjẹ. Kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn.