Àdúà Ọjọ́ Ìbí fún Ọ̀rẹ́ Tí Kì í Ṣe Mùsùlùmí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammadu.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àwa àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń gbé agboolé kan náà. Bí ọ̀rẹ́ yín láàrin wọn bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, kí ni ẹ ó sọ?

Ìmáàmù Buhárì gbà á wá nínú Adabul-Mufradi pé ọkùnrin kan kí sàhábé Uqbatu ọmọ Aamiri, ó sì dá a lóhùn pẹ̀lú ìkẹ́ àti ìbùkún Ọlọ́hun. Wọ́n ní Kìrìsìtẹ́nì ni. Uqbatu dìde, ó tẹ̀ lé e títí ó fi bá a. Ó ní ìkẹ́ àti ìbùkún náà ti àwọn onígbàgbọ́ òdodo ni. Ṣùgbọ́n ó tọrọ ẹ̀mí gígùn, owó àti ọmọ fún un.

Àdúà ọjọ́ ìbí Yorùbá gan-an nìyẹn! Àwọn àáfà kan kò fọwọ́ sí ayẹyẹ ọjọ́ ìbí. Àdúà yàtọ̀ sí ayẹyẹ. Ẹ fi orúkọ Ọlọ́hun tọrọ ìlera àti ọjọ́ pípẹ́ fún un, láìyá gbólóhùn ṣọ́ọ̀ṣì lò. Ìmọ̀nà ńkọ́? Ẹ tọrọ rẹ̀ fún un ní ìkọ̀kọ̀, lórí ìforíkanlẹ̀. Ẹni tí ó bá pariwo rẹ̀ níwájú àlejò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dójú tì í ni.