Ẹlẹ́rìí Mẹ́ta, Ẹnu Kan

Ìlobùú ni wọ́n ti bí ìyá mi, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ni ilé bàbá mi. Ìlú méjèèjì sún mọ́ra débi pé àlejò lè má mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Ẹ sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti fà ládùúgbò wa: lọ́dún 2025, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé níbẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan wá ní kí n bá àwọn ṣe ìwé ìtàn kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà, mo mọ̀ pé gbólóhùn kan nínú rẹ̀ lè di ohun tí lọ́yà máa gbé lọ síwájú adájọ́.

Wọ́n kó ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta fún mi. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ ìtàn odò kan náà. Inú mi dùn, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé "ìwé mẹ́ta fohùn ṣọ̀kan." Àfi ìgbà tí mo rí i pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ pé ọdún 1912 ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ jáde. 1921 ló jáde. Ènìyàn mẹ́ta lè gba òótọ́ kan náà láti ibi mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí àwọn mẹ́ta gbé nọ́ńbà kan náà síra wọn lódìlódì? Ẹnì kan ló ṣe àṣìṣe, àwọn méjì dà á kọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ àdàkọ, ẹ má wá ibi tí ìwé ti jọra nínú òótọ́. Ibi tí wọ́n ti jọra nínú àṣìṣe ni kí ẹ wò.

Mo lọ bá bàbá àgbà kan, bóyá màá rí ẹlẹ́rìí tòótọ́. Ìtàn odò náà ni wọ́n sọ, bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

"Bàbá, ta ló sọ ọ́ fún yín?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò rí i nínú ìwé ni?"

Ìwé ti di ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà. Bí ẹlòmíràn bá tún gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá, tó kọ ọ́, ẹlẹ́rìí kẹrin dé nìyẹn.

Johnson fúnra rẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Síbẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, ó dárúkọ àwọn tó sọ ìtàn fún un. Tìmì Ẹdẹ, Lágúnjú, wà lára wọn. Ẹdẹ ò jìnnà sí wa rárá. Òǹkàwé lè bi ara rẹ̀ pé kí ni Tìmì Ẹdẹ lè mọ̀, kí ni ò lè mọ̀, ibo ni ìlú tirẹ̀ ti lè fa ọ̀rọ̀ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Orúkọ yẹn ló fún wa láyè láti jiyàn. (Ìwé Johnson ti kúrò lábẹ́ ẹ̀tọ́ oníwèé ní Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni lè tún un tẹ̀. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tìrẹ.)

Èmi náà ò mọ́ o. Nígbà tí mo tún àkọsílẹ̀ mi wò, mo bá gbólóhùn yìí, tí mo rò pé èmi ni mo kọ ọ́: "Ọdẹ kan tó ń tọpa ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sétí odò náà, ó lo ọjọ́ méje níbẹ̀, kó tó lọ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá." Mo ṣí ìwé àkọ́kọ́: "Ọdẹ kan tó ń lépa ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ dé etí odò náà, ó sun ọjọ́ méje níbẹ̀, kó tó padà lọ pe àwọn ará rẹ̀ wá." "Lépa" di "tọpa," "dé" di "gúnlẹ̀." Aṣọ nìkan ni mo pààrọ̀, ara náà ni. Ohun tó fà á ni pé mo da ọ̀rọ̀ oníwèé pọ̀ mọ́ èrò mi nínú fóònù láìfi àmì kankan sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èmi pàápàá ò mọ èyí tó jẹ́ tèmi mọ́.

Nídìí iṣẹ́ mi, `git blame` máa ń fi hàn ẹni tó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìwé àkọsílẹ̀ ò ní irú ẹ̀, àfi kí n ṣe é fúnra mi. Ní báyìí, bí mo bá ti ń da ọ̀rọ̀ kọ ni mò ń fi àmì àyọlò sí i, pẹ̀lú ojú ìwé. Èrò tèmi, mo kọ "èmi" síwájú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ara mi sọ ọ́, mo pa ìwé dé, mo kọ ohun tó yé mi, lẹ́yìn náà ni mo ṣí i wò bóyá ìtò gbólóhùn rẹ̀ tẹ̀ lé mi jáde. Bí ó bá tẹ̀ lé mi, mo tún un kọ, tàbí kí n kúkú yọ ọ́ lò bó ṣe wà. Kódà bí gbólóhùn bá di tèmi pátápátá, ìtàn kì í ṣe tèmi, orísun rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, mo kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́, agbo ilé rẹ̀, ọjọ́ tó sọ ọ́, àti ibi tí òun náà ti gbọ́ ọ.

Ohun tí mo wá kọ nìyí: "Ìwé àkọ́kọ́, ojú ìwé 4, sọ pé ọdẹ ló tẹ etí odò náà dó. Kò dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún un. Ó jọ pé inú rẹ̀ ni ìwé méjì yòókù ti mú un."

Akọ̀wé ẹgbẹ́ kà á, ojú rẹ̀ le. Ó ní mo ti sọ ẹ̀rí mẹ́ta di ẹyọ kan. Mo ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ẹyọ kan ni mo bá níbẹ̀."