Ímeèlì Ló Ń Kọ́kọ́ Sọdá Omi

Ẹni tó bá dúró létí omi ní Àpápá á máa wo erékùṣù kan ní òdìkejì, tó gùn, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì lọ́ bí ejò. Ìrísí yẹn ló sọ ọ́ di Snake Island. Ibẹ̀ ni ọgbà Nigerdock wà, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, tí wọ́n sì ń jó irin ńláńlá pọ̀ fún iṣẹ́ epo rọ̀bì. Jórinjórin tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ajégúnlẹ̀ lè mọṣẹ́ títí, kò lè kàn gbé irinṣẹ́ kọ́ apá kó ní òun ń lọ tọrọ iṣẹ́ lọ́hùn-ún. Omi wà láàrin, géètì wà, ẹ̀ṣọ́ wà nídìí géètì. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀ ibẹ̀, ímeèlì rẹ̀ á ti débẹ̀ ṣáájú, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí á sì ti kà á.

Ẹni tó ń kà á yẹn kò tíì rí ojú irin tí ọkùnrin náà jó. Gbólóhùn rẹ̀ nìkan ló wà níwájú rẹ̀, òun náà ló sì máa fi díwọ̀n ìyókù. Bí jórinjórin bá jó irin tán, ó máa ń fi òòlù gbo èépá orí rẹ̀ kúrò, á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbá a, á wá tẹjú mọ́ ojú ibi tó jó bóyá ihò wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ kó tó ṣe é. Ẹni kan náà yìí ló máa kọ lẹ́tà iṣẹ́ lórí ọ̀kadà, tí yóò tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ láìkà á lẹ́ẹ̀kejì. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìwà lèyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà. Àìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Kí èèyàn mọ̀ ọ́n kó má sì padà wò ó ni ẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo irú ímeèlì bẹ́ẹ̀. Onítọ̀hún ti kọ iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn, ó fi fọ́tò mẹ́rin sí i, iye owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì sọ ọjọ́ tí yóò parí iṣẹ́. Lẹ́tà gidi ni. Àmọ́ nínú ìpínrọ̀ kejì ó kọ ọ́ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ òun máa ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ tó wà ní "birth 3". Ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí ló ní lọ́kàn, ìyẹn "berth". Ohun tó kọ ni ìbímọ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀ sí ara wọn létí, kọ̀ǹpútà kò sì fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ rẹ̀ nìkan ló ń fà á sí, "birth" sì wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ tuntun kan wà tó ń wo gbólóhùn lódindi, ó máa ń mú irú rẹ̀ nígbà mìíràn, ó sì lè jẹ́ kí òmíràn kọjá. Ọ̀gá tó ti lo ogún ọdún nídìí ọkọ̀ kò ní ṣàì mọ ohun tí onítọ̀hún ń sọ. Ohun tó máa bi ara rẹ̀ ni pé, ṣé ẹni yìí ti wọ ọgbà ọkọ̀ rí ṣá?

Èyí tó tẹ̀ lé e burú jù ú lọ. Ó kọ ọ́ pé: "Our men will leave on the island until the job is finished." Ó fẹ́ sọ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ òun máa gbé ní erékùṣù náà títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ohun tó kọ ni pé wọ́n máa lọ. Nínú ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ò ní rí "live" àti "leave" láàrin àwọn ọ̀rọ̀ tí ìró wọn dọ́gba, nítorí létí tiwọn, ọ̀kan fà, èkejì ò fà. Létí tiwa kò sí ìyàtọ̀ yẹn. "Ship" àti "sheep" ń bá ara wọn jẹun, "this" àti "these" ń sùn lórí ẹní kan. Àkójọ tí àwọn olùkọ́ ilẹ̀ òkèèrè ń tẹ̀ jáde kò lè tó wa, àfi kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀ sílẹ̀ láti inú àwọn àṣìṣe tó ti ṣe rí. Ó sábà máa ń kéré. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà ló ń da èèyàn kan láàmú títí ayé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ńlá tún wà, èyí tí a ń lò nítorí pé ó dùn létí. Ní ìparí lẹ́tà, ọ̀rẹ́ wa kọ ọ́ pé òun ti "severally" pe ọ́fíìsì wọn lórí fóònù. Ní Nàìjíríà, gbogbo wa mọ̀ pé lọ́pọ̀ ìgbà ló ń sọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé àdéhùn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni lọ́kọ̀ọ̀kan, pé gbèsè lè wá sórí oníkálukú láyè ara rẹ̀. Bí lẹ́tà bá dé ọ̀dọ̀ lọ́yà ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn máa mú un dúró. N kò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì tiwa kò dára láàrin ara wa o. Ẹni tó kọ "revert" sí aládùúgbò rẹ̀ ní Àpápá láti sọ pé kó dá òun lóhùn, aládùúgbò á dá a lóhùn. Ẹni tí a ń kọ̀wé sí ló yẹ ká fi ṣe òṣùwọ̀n.

Kọ́mà náà ń ṣe tirẹ̀, àgàgà láàrin nọ́ńbà. Ká ní ọkùnrin yìí ń ra ọ̀pá ìjórin lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Kútọnu, ó sì kọ 1,250 kg. Lójú tirẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan àti igba ó lé àádọ́ta kílò nìyẹn. Ẹni tó kọ́ ìṣirò ní èdè Faransé ń fi kọ́mà pààlà láàrin odindi àti ìdá ni, àyè òfìfo ló ń fi ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀. Kílò kan àti ìdámẹ́rin ló máa kà níbẹ̀, kò sì ní yà á lẹ́nu, torí páálí kékeré kan tí oníbàárà ń tọ́ wò lè wọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Kíkọ 1250 kg láìfi kọ́mà sí i ló rọrùn jù.

Ẹni tó bá rò pé lẹ́tà kan péré kò lè ba ọjà jẹ́, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Taylor & Sons, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Cardiff, ní Bìrìtéènì, tó ti pẹ́ gan-an, tó sì ní òṣìṣẹ́ tó lé ní 250. Ní 2009, ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ mìíràn pa. Taylor & Son lórúkọ tirẹ̀, kò ní "s" lẹ́yìn. Companies House, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́, kọ àṣẹ náà mọ́ orúkọ Taylor & Sons. Wọ́n tún un ṣe láàrin ọjọ́ mélòó kan, àmọ́ ìròyìn ti dé etí àwọn tó ń tà á láwìn. Wọ́n fà sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ náà sì wó. Ní 2015, ilé ẹjọ́ gíga dá ọ́fíìsì ìjọba yẹn lẹ́bi. Ẹni tó ṣi orúkọ ilé iṣẹ́ tó ń tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kọ kò ní dé ilé ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní gba iṣẹ́.

Ọ̀nà wo wá ni èèyàn ń gbà rí àṣìṣe tirẹ̀? Ìmọ̀ràn tí gbogbo ayé ń gbani ni pé kí a kà á sókè. Ó dára fún kọ́mà, torí ibi tí èémí bá ti já láìsí àmì, tàbí tí àmì wà tí èémí ò já, etí máa gbọ́ ọ. Ó dára fún ọ̀rọ̀ tó já sílẹ̀. Fún "birth" àti "leave", kò wúlò rárá! Ìró kan náà ni, etí kò lè mú olè tó jọ onílé. Ojú ló ń mú wọn. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti gbólóhùn ìkẹyìn, kí a máa bọ̀ lókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ìtàn inú lẹ́tà má bàa gbé wa sáré kọjá ohun tó wà lójú ìwé. Lẹ́yìn náà, kí a tẹ Ctrl+F, kí a wá àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú àkójọ tiwa níkọ̀ọ̀kan. Orúkọ èèyàn àti ti ilé iṣẹ́, kí a gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn fúnra wọn ti kọ ọ́, kí a wò ó lẹ́tà sí lẹ́tà, nítorí fóònù máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ yí orúkọ wa padà sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá jọ ọ́. Àdírẹ́sì ẹni tí a ń kọ̀wé sí ni kí a kọ kẹ́yìn pátápátá. Bí àtàǹpàkò bá yọ̀, lẹ́tà náà kò ní ríbi lọ.

Ẹ má ṣe rò pé ẹni tó bá fi Yorùbá kọ tirẹ̀ bọ́ níbẹ̀. Ìyá oníbòòtì kan lè kọ̀wé sí alága ẹgbẹ́ wọn pé ọkọ̀ òun ti bàjẹ́, kí wọ́n bá òun wá ẹni tí yóò tún un ṣe kíákíá. Bí kò bá fi àmì ohùn sí i, ó lè jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ló ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá òun tún ṣe. Àwọn obìnrin mélòó kan á ní kí wọ́n bá àwọn náà fi tiwọn kún un.

Mo ní ohun kan láti bá ọ̀gá tó ń gba ímeèlì sọ pẹ̀lú. Ìlàjẹ, Ìjọ, Uròbò, Ìgbò, Haúsá àti àwọn Yorùbá yòókù ló ń gbé pọ̀ ní Ajégúnlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì lè jẹ́ èdè kẹta lẹ́nu ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn. Bó bá kọ "it's" níbi tí "its" ti yẹ, kò sí irin tí ìyẹn máa mú kó sán. Ọ̀gá tó ju lẹ́tà nù nítorí àmì kékeré yẹn kò ṣe ìwà àgbà. Kó wo nọ́ńbà, kó wo orúkọ, kó wo ọjọ́. Bí ìwọ̀nyí bá péye, ẹni náà padà wo iṣẹ́ rẹ̀, kò kàn mọ gbogbo òfin èdè ni.

Òṣùwọ̀n yẹn náà ni ẹni tó kọ̀wé máa lò bí lẹ́tà bá ti lọ tán kó tó rí àṣìṣe. Bó bá kan iye, orúkọ, ọjọ́ tàbí ibi iṣẹ́, kó dáhùn lórí ímeèlì kan náà, kí méjèèjì lè wà pa pọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń kà á, kó kọ èyí tó tọ́ ní ìlà kan, kó tọrọ gáfárà lẹ́ẹ̀kan, kó dákẹ́. Bó bá jẹ́ kọ́mà lásán tí kò yí ohunkóhun padà, kó fi sílẹ̀. Ímeèlì kejì tó ń tọrọ àforíjì fún kọ́mà máa ń pe ojú sí ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí.