Ọ̀rọ̀ Abrahamu àti Ìpìlẹ̀ Tí A Kò Sọ

Ní Àkúrẹ́ níhìn-ín, a rí iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ní kí ó yẹ àwíjàre yìí wò: Olódodo ni Abrahamu, ó sì ní ju aya kan lọ, nítorí náà kò burú kí ọkùnrin ní aya púpọ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni láàrin wa. Ìpàdé Lámbẹ́tì ti 1888 kọ̀ láti fi ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀. Ní 1988 ni Ìpàdé kan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Ọmọ náà kọ ìpìlẹ̀ méjì, ó sì kọ “irọ́” sí abẹ́ wọn. Ó yára jù. Méjèèjì wà nínú Gẹnẹsisi. Ìpìlẹ̀ kẹta ni a kò sọ: pé ohunkóhun tí olódodo bá ṣe, kò burú. Láìsí i, ìparí kò ti inú ìpìlẹ̀ wá. Bí a bá fi í kún un, kò sí bí a ti lè yẹ̀ ẹ́. Nígbà náà ni ó tó kàn wá láti bi í bí òtítọ́ ni. Ẹ wo orí kejìlá: Abrahamu fi pamọ́ fún àwọn ará Egipti pé aya òun ni Sarai, Farao sì bá a wí. Ìpìlẹ̀ kẹta wó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kọ ọ́ pé a ti fi hàn pé ìkóbìnrinjọ burú. Àwíjàre kan ni ó wó. Èyí tí yóò fi ìyẹn hàn, a kò tíì kọ ọ́.