Kì Í Ṣe Gbogbo Àìjuwọ́sílẹ̀ Ni Ìforítì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n àdììtú ìṣirò kan ló jẹ́ kí ó yé mi. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò ni pé: nígbà wo ni ó tọ́ kí èèyàn fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, tí a kò ní pè é ní ọ̀lẹ?

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, olùkọ́ ìṣirò wa ya àpótí onígun mẹ́rin sára pátákó, ó sì pín in sí ilé mẹ́sàn-án, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́ta ní òòró. Ó ní kí a fi nọ́ńbà 1 dé 9 sínú àwọn ilé náà, ẹyọ kan sí ilé kan, kí àròpọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 15. Ìlà mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀: ìbú mẹ́ta, òòró mẹ́ta, àti méjì tó gba àárín kọjá láti igun dé igun.

Nígbà tí mo dé ilé wa ní Mende, mo kọ 1 sí igun òkè lápá òsì. Ibẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ń to àwọn nọ́ńbà yòókù. Bí mo bá tún ìlà kan ṣe, òmíràn á bàjẹ́. Mo ṣe é ní Sátidé, mo ṣe é ní Sọ́ńdè. Ní alẹ́ Mọ́ńdè, wọ́n mú iná lọ, mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo tún jókòó tì í. Màmá mi kọjá, wọ́n ní, “Iṣẹ́ tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kó parí ẹ̀.” Inú mi dùn, mo rò pé akíkanjú ni mí. Àbúrò mi tó wà ní kíláàsì kìíní girama wá dúró sẹ́yìn mi. Ó ní, “Àǹtí mi, ṣé olùkọ́ yín ló ní kí 1 wà ní igun yẹn ni?” Mo jágbe mọ́ ọn pé kó lọ sùn. Ní ọjọ́ kejì, a ṣe ìdánwò kékeré nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Mo gba 4 nínú 20, nítorí pé n kò ṣí ìwé rẹ̀ rárá.

Ìbéèrè àbúrò mi ni kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mú ìwé tuntun, mo pín in sí méjì. Ní apá kan, mo kọ ohun tí olùkọ́ sọ: nọ́ńbà 1 dé 9, ẹyọ kan sí ilé kan, ìlà kọ̀ọ̀kan 15. Ní apá kejì, mo kọ ohun tí èmi fúnra mi fi kún un: 1 wà ní igun. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lápá kejì yìí, òun ni mo sì kọ́kọ́ dán wò.

Ilé tó wà ní igun máa ń wà nínú ìlà mẹ́ta: ti ìbú, ti òòró, àti èyí tó gba àárín kọjá. Nítorí náà, bí 1 bá wà ní igun, ó gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà méjì méjì pé 15 ní ọ̀nà mẹ́ta tó yàtọ̀. Mo kà wọ́n: 1, 5 àti 9, 1, 6 àti 8. Ó parí. Ọ̀nà méjì péré ló wà. Bí mo bá fi 1 sí igun, ọ̀nà 40,320 ni mo lè gbà to nọ́ńbà mẹ́jọ tó kù. Bí mo bá ń dán ẹyọ kan wò ní ìṣẹ́jú kan, láìsùn láìjẹun, ọjọ́ 28 ni yóò gbà mí, n kò sì ní rí ìdáhùn kankan níbẹ̀.

N kò nu gbogbo iṣẹ́ mi rẹ́. Ọ̀nà kíkà yẹn ṣì wúlò. Ilé àárín wà nínú ìlà mẹ́rin, 5 nìkan ló sì ní ọ̀nà mẹ́rin: pẹ̀lú 1 àti 9, 2 àti 8, 3 àti 7, 4 àti 6. Àwọn tó ní ọ̀nà mẹ́ta ni 2, 4, 6 àti 8, àwọn ló ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn tó ní méjì péré, 1, 3, 7 àti 9, bọ́ sí àárín ẹ̀gbẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ó fi jáde:

2 7 6
9 5 1
4 3 8

Irú àpótí yìí kì í ṣe ohun àjèjì sí ilẹ̀ wa. Ọ̀mọ̀wé Fúlàní kan láti Kàtísínà, Muhammad al-Kishnawi, tó kú ní Káíró ní 1741, kọ ìwé ní èdè Lárúbáwá lórí bí a ṣe ń to irú rẹ̀ tí iye ilé inú ìlà rẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì.

Àbúrò mi wá ní kí a tún to ti ilé mẹ́rin, méjì ní ìbú, méjì ní òòró, pẹ̀lú 1 dé 4. Lọ́tẹ̀ yìí mo kọ́kọ́ kà. Àròpọ̀ gbogbo wọn jẹ́ 10, nítorí náà ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 5, ti òòró náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 5. Níbikíbi tí 1 bá wà, 4 ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, 4 náà ni yóò sì wà lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n 4 kan ṣoṣo la ní. Kò sí ohun tí èmi fi kún èyí. Ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ni kò ṣeé ṣe. A fi í sílẹ̀, a sì lọ jẹun.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìyàtọ̀ tí mo rí nìyẹn. Nínú àpótí àkọ́kọ́, ohun tó yẹ kí n fi sílẹ̀ ni èrò mi, kì í ṣe àdììtú náà. Nínú èkejì, àdììtú náà gan-an ni. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé ó rẹ̀ ẹ́, tí kò sì lè sọ ìdí mìíràn, a lè pè é ní ọ̀lẹ. Ẹni tó bá lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà náà ti dí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Mo mọ̀ pé a kì í sábà rí ẹ̀rí tó mọ́lẹ̀ tó báyìí. Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, èèyàn lè má ní àkókò láti ka ohunkóhun. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ ní ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo dúró, mo sì wo ohun tí n kò tíì yí padà rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí n kò bá rí i, mo bọ́ sí ìbéèrè mìíràn, màá padà wá bí àyè bá wà.

Èyí tó nira jù fún mi kì í ṣe ìṣirò. Ní alẹ́ Mọ́ńdè yẹn, mo ti fura pé igun yẹn kò dára. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n yọ 1 kúrò, nítorí pé ọmọdé ló béèrè. Mo pe ìtìjú ní ìforítì, mo sì gba ìyìn màmá mi lé e lórí. Mo bẹ àbúrò mi lẹ́yìn náà. Ó ní kò sí wàhálà, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.